Kámẹ́rà Olówó Pọ́ọ́kú, Iná Alẹ́ àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Kan

Mo ń fi Zoom kọ́ ọmọ mẹ́fà tí àwọn òbí wọn ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní èdè Yorùbá, láti yàrá kékeré kan nílé wa ní Ìbàdàn, ní agogo méje alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Náírà 13,000 ni mo ra kámẹ́rà tí mo gbé lé orí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, wọ́n sì kọ 1080p gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta ni mo fi gbà pé bí àwòrán rẹ̀ ṣe ń ṣú bàìbàì kò ju ibi tí owó rẹ̀ mọ lọ. Ọ̀rọ̀ yí padà lọ́jọ́ tí mo kọ "ọkọ̀" sórí pátákó funfun kékeré tí mo máa ń gbé sókè fún wọn, tí ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan sì bi mí pé, "Àǹtí, ṣé 'oko' lẹ kọ ni àbí 'ọkọ̀'?" Ìyá rẹ̀ tí ó jókòó tì í fi kún un pé, "Ẹ má bínú o, Àǹtí, a ò rí àmì kankan lábẹ́ rẹ̀. Ojú yín gan-an dúdú, ohùn yín la kàn ń gbọ́."

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá rí àmì abẹ́ lẹ́tà, oko àti ọkọ̀ di ọ̀kan náà lójú rẹ̀, iṣẹ́ mi sì bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ojútùú sí i. Bí mo ṣe ṣe é ni mo kọ sílẹ̀ yìí, àti èyí tí ó bọ́ sí i, àti èyí tí mo ṣì ṣe.

1. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe, tí kò ràn mí lọ́wọ́

Ìkánjú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí ètò kan tí ń jẹ́ `guvcview`, níbi tí a ti lè fa ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àti ìwọ̀n ìmú àwòrán sókè tàbí sílẹ̀, mo sì fa méjèèjì dé òpin. Ìmọ́lẹ̀ tí mo fi kún un kò mọ́lẹ̀ lójú mi. Ńṣe ni gbogbo ibi tí ó dúdú nínú àwòrán náà di eérú, tí aṣọ mi, irun mi àti ògiri ẹ̀yìn mi sì jọ ara wọn. Ìmú àwòrán tí mo fi kún un tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó fa ilà funfun tín-ín-rín yí gbogbo lẹ́tà orí pátákó ká, ó sì sọ àwọn hóró wẹ́wẹ́ bí iyanrìn tí ó ti wà nínú àwòrán tẹ́lẹ̀ di ńlá. Mo lo èyí fún kíláàsì kan. Àwọn ọmọ náà ní ojú ń ro àwọn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó jókòó ronú nípa ohun tí kámẹ́rà ń ṣe nínú òkùnkùn. Bí iná kò bá tó, kámẹ́rà yóò la ojú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí náà iye àwòrán tí ó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò dín kù, ohunkóhun tí ó bá sì mira yóò fà gùn. Bí ìyẹn kò bá tún tó, yóò sọ ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó rí gbà di ìlọ́po-ìlọ́po, àwọn hóró bí iyanrìn yóò sì jáde. Lẹ́yìn náà ni yóò wá gbìyànjú láti nu àwọn hóró náà kúrò, àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín hóró àti àmì kékeré tí ó wà lábẹ́ "ọ", nítorí náà yóò nu méjèèjì pa pọ̀. Àmì abẹ́ lẹ́tà mi kò sọnù lórí pátákó. Inú kámẹ́rà ni wọ́n ti ń nù ún dànù.

2. Ìwé ìdánwò

Kí n má baà máa fi ojú lásán sọ pé ó ti sàn, mo tẹ ìwé kan tí ó ní ìlà márùn-ún, tí ọ̀rọ̀ "ọkọ̀, oko, ẹṣin, esin" wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n lẹ́tà 48, 36, 28, 20 àti 14. Mo fi pínnì kọ́ ìwé náà sí ẹ̀yìn àga mi, níbi tí ojú mi máa ń wà gan-an. Mo fi tépù aránṣọ wọn ibẹ̀ sí kámẹ́rà, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65. Gbogbo àyẹ̀wò tí mo ṣe lẹ́yìn èyí, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe é.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú gílóòbù àjà nìkan, mo lè ka lẹ́tà ìwọ̀n 48, mi ò sì rí àmì abẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lórí ìlà kankan. Kọ̀ǹpútà mi ń lo Ubuntu, `/dev/video2` sì ni orúkọ tí ó fún kámẹ́rà mi. Mo fi àṣẹ `v4l2-ctl` yìí, tí ó wà nínú àpò `v4l-utils`, ka iye àwòrán tí kámẹ́rà ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan:

```
v4l2-ctl -d /dev/video2 \
  --set-fmt-video=width=1280,height=720,pixelformat=MJPG \
  --stream-mmap --stream-count=150 --stream-to=/dev/null
```

Ó ka 15, bẹ́ẹ̀ 30 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Òkùnkùn nìyẹn.

Mo tún ṣàkíyèsí nǹkan kejì tí mo ti ń wò láti ọjọ́ yìí láìrí i: kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri ẹ̀yìn mi, ní nǹkan bíi mítà méjì ààbọ̀ sí kámẹ́rà, hàn ju ìwé ìdánwò lọ. Bí ohun tí ó wà lẹ́yìn ènìyàn bá hàn ju ojú rẹ̀ lọ, iná nìkan kọ́ ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ojú lẹ́ǹsì ń wo òkèèrè. Àrùn méjì ni mo ń tọ́jú, kì í ṣe ẹyọ kan.

3. Nínu ojú lẹ́ǹsì

Èyí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo fi aṣọ kékeré tí a fi ń nu awò ojú nu gíláàsì iwájú, lẹ́yìn tí mo ti mí sí i díẹ̀. Òróró ìka ọwọ́ ni ó wà lára rẹ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé gílóòbù tí ó bá wọ inú àwòrán máa ń ní òrùka bí ìkùukùu yí ká, tí òrùka náà sì pòórá lẹ́yìn tí mo nù ún. Ìwé ìdánwò kò yí padà púpọ̀.

4. Iná, níbi tí mo ti pẹ́ jù

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ni pé mo pààrọ̀ gílóòbù àjà sí èyí tí ó lágbára jù. Yàrá mọ́lẹ̀, àmọ́ ojú mi kò mọ́lẹ̀. Iná tí ó ń bọ̀ láti òkè orí a máa da òjìji sí ihò ojú, sí abẹ́ imú àti sí abẹ́ àgbọ̀n, ó sì ń tan ògiri funfun tí ó wà lẹ́yìn mi ju bí ó ṣe ń tan èmi fúnra mi lọ. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ awọ ara wa ti wọ̀ ọ́. Kámẹ́rà tí a fi sílẹ̀ kí ó máa ṣètò ara rẹ̀ a máa wo gbogbo àwòrán pọ̀, yóò sì wá ìwọ̀n àárín. Bí ògiri funfun bá gba apá tí ó pọ̀ nínú àwòrán, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Ògiri á bọ́ sí ìwọ̀n tí ó dára, ojú aláwọ̀ dúdú tí ó jókòó síwájú rẹ̀ á sì di òjìji. Bí mo ṣe ń fi kún iná àjà ni ojú mi ń dúdú sí i, ọjọ́ méjì gbáko ni èyí sì fi dà mí láàmú kí n tó mọ ohun tí ó fà á.

Mo mú àdìrẹ ìyá mi kan, aláró tí ó dúdú dáadáa, mo fi kọ́ ògiri náà láti òkè dé ibi ìgbáròkó àga. Mi ò tíì fọwọ́ kan iná rárá, ojú mi sì ti mọ́lẹ̀ kọjá bí ó ṣe wà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Èyí kò ná mi ní kọ́bọ̀, òun náà ni mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tí ó bá bi mí.

Lẹ́yìn náà ni mo ra láńpù orí tábìlì ní náírà 3,500, mo sì fi gílóòbù ẹ́lì-í-dì funfun oníwọ́ọ̀tì mẹ́sàn-án sí i, náírà 1,800. Mo kọjú rẹ̀ sí ara mi láti ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, ní mítà kan. Àṣìṣe ni. Iwájú orí mi ń dán bí ẹni tí ó fi òróró pa á, ojú gílóòbù méjì sì hàn kedere nínú awò ojú mi, débi pé àwọn ọmọ kò rí ẹyinjú mi. Mo gbé láńpù náà jìnnà sí mítà méjì. Dídán náà kò lọ, ìmọ́lẹ̀ ni ó lọ. Gílóòbù lásán bí irú èyí, bí a bá sọ jíjìnnà rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wa yóò ṣẹ́ kù bí ìdá mẹ́rin. Jíjìnnà kọ́ ni ìwòsàn dídán. Ohun tí ó ń fà á ni pé ojú ibi tí iná ti ń jáde kéré. Bí ojú ibẹ̀ bá fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yóò tàn yí ojú ká, òjìji yóò sì rọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ páálí fìríìjì kan ni mo fi ṣe é. Mo gé e ní sẹ̀ǹtímítà 60 lọ́nà méjèèjì, mo fi bébà funfun tí kò dán, náírà 600, bo ojú rẹ̀, mo sì gbé e ró sí apá òsì mi, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sí ojú mi, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ rẹ̀ lórí tábìlì. Mo wá yí láńpù kúrò lọ́dọ̀ mi, mo kọ ojú rẹ̀ sí páálí náà, kí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá padà láti ara páálí nìkan jẹ́ èyí tí ó ń bá mi. Òjìji abẹ́ imú rọ̀, iwájú orí kò dán mọ́. Nínú awò ojú, gílóòbù ti lọ, àmọ́ páálí náà wá hàn bí fèrèsé funfun kékeré. Mo gbé e sókè títí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ga ju ẹyinjú mi lọ díẹ̀, mo sì tẹ orí rẹ̀ síwájú, ìyẹn náà sì bọ́ kúrò.

Ohun kan ṣẹ́ kù. Gílóòbù àjà mi jẹ́ oníná pupa rẹ́súrẹ́sú, ti láńpù sì funfun. Ẹ̀gbẹ́ ojú mi kan dà bí ẹni tí ó wà nídìí àdògán, ìkejì bí ẹni tí ó wà lábẹ́ òṣùpá. Kò sí ètò kámẹ́rà kankan tí ó lè tún ìyẹn ṣe, nítorí pé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni ó lè fara mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo pa iná àjà. Láti ìgbà náà, pípa ni mo ń pa á bí kíláàsì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ka iye àwòrán lẹ́ẹ̀kan sí i: 30. Ìwé ìdánwò: lẹ́tà ìwọ̀n 36 ti ṣeé kà, àmì abẹ́ lẹ́tà sì ń fi ara hàn lórí ìlà 48 nìkan, bí ẹni pé ó wà lábẹ́ omi. Kàlẹ́ńdà ṣì ni ó hàn jù, bí àdìrẹ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n rí ju etí rẹ̀ kan lọ.

5. Yíyí lẹ́ǹsì

Kámẹ́rà olówó kékeré bí èyí kì í fúnra rẹ̀ wá ojú ohun tí ó ń wò. Ilé iṣẹ́ ti yí lẹ́ǹsì rẹ̀ sí ibì kan, wọ́n sì kán gúlù sí i kí ó má baà yí mọ́. Lẹ́ǹsì yìí ní ilà yíyípo bíi ti ìdérí ìgò, ó ń yí wọ inú ihò rẹ̀, yíyí yìí ni ó sì ń mú un sún mọ́ tàbí jìnnà sí awò kékeré tí ń gba àwòrán. Lára kámẹ́rà mi, òrùka dúdú kan wà níwájú tí mo rò pé ẹ̀ṣọ́ ni. Mo fi orí ọ̀bẹ tín-ín-rín tú u, lẹ́ǹsì sì wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kán gúlù funfun kan létí.

Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo fi ọ̀dà èékánná fa ilà kékeré tí ó kọjá láti orí lẹ́ǹsì dé ara ihò rẹ̀, kí n lè mọ ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Mo dúpẹ́ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi orí ọ̀bẹ ha gúlù náà kúrò díẹ̀díẹ̀, mo fi ẹ̀mú kékeré tí mo fi aṣọ wé ẹnu rẹ̀ di lẹ́ǹsì mú, mo sì yí i sí apá òsì, ìyẹn apá tí a máa ń yí ìdérí ìgò sí bí a bá fẹ́ ṣí i, nítorí pé kí ó lè rí ohun ìtòsí, lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ jáde síta díẹ̀.

Gbólóhùn "díẹ̀" yìí ni mi ò mọ bí ó ṣe kéré tó. Mo yí i ní ìdá mẹ́rin òbíríkítí, àwòrán di ìkùukùu pátápátá. Mo rò pé kò tíì tó, mo yí i lọ, mo yí i lọ, lẹ́ǹsì sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta tí ihò náà fi ṣí sílẹ̀, eruku ti wọ ibẹ̀. Nígbà tí mo dá lẹ́ǹsì padà, àmì eérú kan tí ó tó èkùrọ́ wà lójú àwòrán ní apá ọ̀tún òkè, kò sì mira bí mo ṣe ń gbé kámẹ́rà kiri. Àmì tí kì í mira, inú ni ó wà.

Mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà wa. Ó ní, "Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, mà. Itọ́ á bá a lọ, ìyẹn le ju eruku lọ." Rọ́bà tí a fi ń fa ikun imú ọmọdé ni ó mú, ó dojú kámẹ́rà bolẹ̀, ó sì fi rọ́bà náà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí inú ihò náà ní ìgbà mẹ́rin. Eruku lọ. Mo bi í bóyá kí n fi súpà gúlù lẹ lẹ́ǹsì náà tí mo bá ti rí ojú rẹ̀, ó sì mi orí: èéfín tí ń jáde lára gúlù náà bí ó bá ń gbẹ a máa dà bí ìrì funfun lé gíláàsì, kì í sì í kúrò. Ó ti ba kámẹ́rà fóònù oníbàárà kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì san owó rẹ̀.

Nílé, mo dá lẹ́ǹsì padà sí ojú ilà ọ̀dà mi. Mo gbé ìwé ìdánwò sí sẹ̀ǹtímítà 65, mo tan láńpù, mo sì jẹ́ kí àwòrán náà kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Mo wá ń yí i bí ẹni ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, tí mo sì ń sinmi lẹ́yìn yíyí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fojú inú wo ọwọ́ gígùn aago ògiri: gbogbo ohun tí lẹ́ǹsì náà nílò láti kúrò ní wíwo ògiri wá sí wíwo ojú mi kò ju bí ọwọ́ aago ṣe ń rìn ní ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ. Lẹ́tà ìwọ̀n 36 kọ́kọ́ mú ṣáṣá, lẹ́yìn náà 28, lẹ́yìn náà àmì abẹ́ "ṣ" yọ lábẹ́ rẹ̀ ní dúdú. Mo yí i kọjá díẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo sì dá a padà; bí a bá kọjá ibi tí ó dára jù tí a sì padà ni a fi ń mọ̀ pé ibẹ̀ ni. Ẹ̀kán ọ̀dà èékánná kan ní etí lẹ́ǹsì, wákàtí kan kí ó gbẹ, ó dúró.

Ìwé ìdánwò: lẹ́tà ìwọ̀n 20 ṣeé kà, àmì abẹ́ lẹ́tà hàn títí dé ìlà 28. Ìlà 14 kò ṣeé kà, kò sì lè ṣeé kà láé ní ìwọ̀n jíjìnnà yẹn, nítorí pé lẹ́tà náà kò gba ju ẹyọ àwọ̀ mélòó kan lọ nínú àwòrán.

Yíyí yìí ní iye tirẹ̀. Mo gbé pátákó síwájú-sẹ́yìn pẹ̀lú tépù lọ́wọ́, mo sì rí i pé láti sẹ̀ǹtímítà 50 sí 90 ni ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ ti ń hàn dáadáa. Bí mo bá ti sáré gbé e sún mọ́ kámẹ́rà bí mo ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń ṣú.

6. Dídá ètò kámẹ́rà dúró

Bí mo bá gbé pátákó funfun sókè, kámẹ́rà ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, ojú mi á dúdú. Bí mo bá gbé e sílẹ̀, ojú mi á tàn bí ẹni pé wọ́n tan iná lójijì. Mo fẹ́ kí ó dúró sójú kan. `v4l2-ctl` náà ni mo tún lò. Ẹni tí ó bá ń lo Windows lè rí irú ètò kan náà nínú OBS Studio, bí ó bá ṣí ojú ìwé kámẹ́rà tí ó sì tẹ `Configure Video`.

Ìdajì wákàtí ni mo kọ́kọ́ fi ṣòfò, nítorí pé `/dev/video0` ni mo ṣèèṣì ń ṣètò, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, kí ó tẹ `v4l2-ctl --list-devices`, kí ó rí orúkọ kámẹ́rà rẹ̀ àti nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Tèmi jẹ́ `/dev/video2`. Èyí ni ohun tí mo kọ sínú fáìlì kékeré kan:

```
D=/dev/video2
v4l2-ctl -d $D -c power_line_frequency=1
v4l2-ctl -d $D -c auto_exposure=1
v4l2-ctl -d $D -c exposure_time_absolute=200
v4l2-ctl -d $D -c white_balance_automatic=0
v4l2-ctl -d $D -c white_balance_temperature=5600
v4l2-ctl -d $D -c sharpness=3
```

Ìlà kejì sọ fún kámẹ́rà pé iná ilẹ̀ wa ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ó tẹ̀ lé e gba àṣẹ bí kámẹ́rà ṣe ń la ojú pẹ́ tó lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà 200 tí ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ túmọ̀ sí ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú 10,000. Ẹ má ṣe yí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra padà: bí ẹ bá kọ nọ́ńbà kí ẹ tó gba àṣẹ, kámẹ́rà kò ní gbà á, `--list-ctrls` yóò sì fi `flags=inactive` hàn níwájú rẹ̀. Lórí Ubuntu àtijọ́, orúkọ wọn yàtọ̀, `exposure_auto` àti `exposure_absolute` ni wọ́n ń jẹ́. Ti àwọ̀, ìwé funfun ni mo gbé síwájú kámẹ́rà, mo sì ń yí 5600 sókè-sódò títí ìwé náà fi funfun láìpọ́n, láìtutù. Ìmú àwòrán, tí mo ti fà dé òpin tẹ́lẹ̀, ni mo dá padà sí 3. Nígbà tí lẹ́ǹsì ti rí ọ̀ọ́kán, kò nílò ìrànlọ́wọ́ yẹn mọ́.

Kámẹ́rà a máa gbàgbé gbogbo rẹ̀ bí a bá yọ wáyà rẹ̀, nítorí náà mo máa ń sáré fáìlì náà lẹ́yìn tí mo bá ti wọlé sí Zoom tán.

7. Alẹ́ jẹnẹrétọ̀

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n mú iná lọ ní agogo méje ku ogún ìṣẹ́jú, a tan jẹnẹrétọ̀, ìlà òkùnkùn gbọọrọ mẹ́ta sì ń gun ojú mi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bí omi tí ń ru. Kò sí ohun tí mo yí padà.

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Gílóòbù ẹ́lì-í-dì olówó kékeré kì í tàn gbére. Ó ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí iná bá jẹ́ 50, ojú wa kò sì rí i. Kámẹ́rà ń ka àwòrán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, nítorí náà ó lè bá àwọn ìlà kan nígbà tí iná tàn, kí ó bá òmíràn nígbà tí ó ṣẹ́jú. Ìdá kan nínú 50 tí mo yàn gba ìgbà méjì géérégé tí iná fi ń ṣẹ́jú, gbogbo ìlà sì ń rí ìmọ́lẹ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sórí 50. Bí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́, ó ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí fìríìjì bá gbéra, ó ń fà sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ni mo fi mọ̀: bí ẹ̀rọ fìríìjì ti gbéra tí ohùn jẹnẹrétọ̀ sì wálẹ̀, ìlà ojú mi dẹ̀rọ̀, bí fìríìjì ti dákẹ́, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mo gbìyànjú 190, mo gbìyànjú 195, ó ń dára fún ìṣẹ́jú kan, ó tún ń bàjẹ́. Ẹni tí ń sá kiri ni mo ń lépa.

Ojútùú ni kí iná ojú mi má wá láti ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ rárá. Mo ra láńpù pẹlẹbẹ oníwọ́ọ̀tì márùn-ún tí ó ń gba iná láti ara páwà báńkì, náírà 6,000, mo sì fi sí ipò láńpù àkọ́kọ́ níwájú páálí. Iná bátìrì kì í ṣẹ́jú. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, àwọn ìlà náà padà, nítorí pé pípa-àti-títàn kíákíá ni ó fi ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Ìwọ̀n tí ó ga jù nìkan ni mo ń lò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, páálí ni mo ń sún sẹ́yìn. Páwà báńkì mi jẹ́ oní-10,000 mAh, ó sì ń gbé láńpù náà fún bíi wákàtí mẹ́fà, kíláàsì mi sì jẹ́ wákàtí kan.

8. Bí ó ṣe rí báyìí

Nínú Zoom fúnra rẹ̀, ohun méjì péré ni mo yí. Mo tan `HD` nínú ètò fídíò, mo sì pa `Touch up my appearance`, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ojú dán nípa nínu àwọn nǹkan wẹ́wẹ́, ìyẹn ohun tí mo ti ń bá jà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àǹfààní kan tí mi ò retí ni pé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà, àwòrán mi kì í fọ́ sí ìgun mẹ́rin mẹ́rin mọ́ bí ó ṣe máa ń ṣe. Hóró iyanrìn ń yí padà nínú gbogbo àwòrán, Zoom sì ní láti fi dátà gbé gbogbo wọn lọ. Nígbà tí iná lé wọn lọ, dátà náà ṣẹ́ kù fún ojú mi àti pátákó mi.

Láńpù àkọ́kọ́ 3,500, gílóòbù 1,800, bébà 600, láńpù bátìrì 6,000, ọ̀dà èékánná 500: gbogbo rẹ̀ jẹ́ náírà 12,400, ó sì kù díẹ̀ kí ó tó iye kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ká ní mo mọ ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, mi ì bá má ra láńpù àkọ́kọ́ àti gílóòbù rẹ̀, ìyẹn ni pé náírà 7,100 péré ni ì bá jẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo kọ "ẹṣin" àti "esin" sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ọmọbìnrin yẹn ni ó kọ́kọ́ na ọwọ́: "Àǹtí, èyí àkọ́kọ́ ní àmì méjì lábẹ́." Mo ti lẹ sẹ́lótéèpù pupa mọ́ tábìlì ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí kámẹ́rà, kí ọwọ́ mi má baà gbé pátákó kọjá ibẹ̀. Ohun tí mi ò tíì rí ojútùú sí ni inki pátákó náà, tí ó ń dán lábẹ́ iná bí mo bá gbé e ní gbọnrangandan. Fún ìgbà yìí, mo ń tẹ orí pátákó síwájú díẹ̀, bí mo ṣe tẹ páálí.